Bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán aṣọ àfọwọ́ṣe tí oníbàárà á fi béèrè fúnra rẹ̀

Ìbéèrè kan kò yéé wọlé sórí fóònù mi: "Mo ti ya àwòrán aṣọ náà tán, ó sì dára. Kí ni kí n wá kọ sábẹ́ rẹ̀ tí kò fi ní dà bíi pé mò ń bẹ̀bẹ̀?" Àwọn tó ń pa aró ń béèrè rẹ̀, àwọn tó ń hun aṣọ ń béèrè rẹ̀, àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ náà ń béèrè rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí oníbàárà máa ń ṣe bó bá dúró níwájú aṣọ. Á fọwọ́ kàn án. Á fà á wò. Á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á fi lé ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á tó béèrè iye tí ẹ ń tà á. Ẹni tó wà lórí fóònù kò lè ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ni yóò bá a ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo ti tó láti fi pe èèyàn. Bí kò bá ṣe é, ẹ ó máa fi ariwo dí àyè tó ṣófo, ariwo yẹn gan-an ló sì ń mú kí èèyàn sá.

Òótọ́ ni wọ́n sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n àgúnmu ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n sẹ́nu tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú ni yóò run ún.

Aṣọ kan péré ni màá fi ṣàpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀: àdìrẹ oníko aláwọ̀ aró, ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ pé híhun lẹ ń hun tiyín, ẹ kàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìso àti aró sí ti òfì àti òwú. Ọ̀nà náà kò yàtọ̀.

## Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ lábẹ́ àwòrán kì í ṣe ẹ̀bi ẹnu. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì wo aṣọ náà dáadáa ni. Ẹ mú téèpù ìwọnṣọ, bébà funfun kan, kí ẹ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

1. Ẹ wọn aṣọ náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á láró, tí ẹ fọ̀ ọ́, tí ẹ lọ̀ ọ́ tán. Èyí ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù. Aṣọ òwú máa ń sún kì bó bá wọ omi. Ká ní ẹ ra yáàdì 5, tí ẹ rì í sínú aró lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, tó sì sún kì ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, yáàdì 4 àti ìdá mẹ́rin mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nìyẹn nígbà kan. Mo kọ yáàdì 5 sábẹ́ àwòrán nítorí pé iye tí mo rà nìyẹn, télọ̀ oníbàárà mi sì wọ̀n ọ́n. Owó kọ́ ló ká a lára. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Ṣé ẹ ò wọ̀n ọ́n ni?" Kò sí èsì kankan lẹ́nu mi.

2. Ẹ fi ọwọ́ sẹ́yìn aṣọ náà lójú fèrèsé. Ṣé ẹ rí ìka yín? Bí ẹ bá rí i, ẹni tó fẹ́ fi rán aṣọ yóò nílò aṣọ míì lábẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ kó mọ̀ kó tó sanwó.

3. Ẹ gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, kí ẹ sì yà wọ́n pọ̀. Bí bébà náà bá pọ́n tàbí tó ṣe bíi pupa rúsúrúsú nínú àwòrán, a jẹ́ pé iná gílóòbù ti ba àwọ̀ jẹ́, aró tí ẹ rí lójú fóònù kì í ṣe aró tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ tún un yà níbòòji, ní ojúmọmọ. Bí àwọ̀ kò bá ṣì jọra délẹ̀délẹ̀, ẹ ó sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín.

4. Ẹ wá ibi tí ọwọ́ ti hàn. Òrùka tí kò yípo tán, ibi tí aró ti wọlé díẹ̀ sábẹ́ ìso, ìlà tó nípọn ju èkejì lọ. Ẹ má fojú fò ó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

5. Ẹ fẹsẹ̀ ohun tí ẹ lè ṣe múlẹ̀. Mélòó ló wà nílẹ̀? Ṣé ẹ lè ṣe irú rẹ̀ míì? Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà? Èló ni? Bí ẹ kò bá tíì dáhùn àwọn ìbéèrè yìí fún ara yín, ẹ má tíì gbé àwòrán náà síta.

## Kíkọ ọ̀rọ̀ náà

### Ìgbésẹ̀ kìíní: gbólóhùn àkọ́kọ́

Lórí Instagram, nǹkan bí lẹ́tà 125 ló máa ń hàn kó tó gé ìyókù pamọ́. Àyè wà fún lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n ẹni tí gbólóhùn àkọ́kọ́ kò bá dá dúró kò ní tẹ ibi tí ìyókù wà. Nítorí náà, ẹ má fi ìkíni ṣòfò níbẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin olólùfẹ́ mi, a tún ti dé o" ti jẹ bí ìdá mẹ́ta àyè náà láì tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ fi ohun tí ojú ti rí ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú ti rí àwọn òrùka. Kò mọ̀ pé ìko ni wọ́n fi so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ti rí aró tó dúdú. Kò mọ̀ pé aṣọ náà yọ jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí afẹ́fẹ́ kàn án ló tó yí padà sí aró, àti pé bó ṣe ń wọ ìkòkò tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dúdú sí i. Ẹyọ kan nínú irú nǹkan báyìí ni kí ẹ mú. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìyókù wúlò fún àwòrán mìíràn.

Bí ọnà náà bá ní orúkọ, ẹ dárúkọ rẹ̀. Àdìrẹ tó ní òrùka ńlá pẹ̀lú kéékèèké káàkiri, oṣùbàmbà ni ọ̀pọ̀ aláró ń pè é. Ẹni tó bá rí orúkọ yóò lè fi béèrè padà, kò ní máa sọ pé "èyí tó ní róbótó róbótó yẹn."

### Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bá a fọwọ́ kan aṣọ

Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Kí ni wọ́n fi hun ún? Ṣé ó rọ̀ tàbí ó le? Ṣé ó ń dà wálẹ̀ tàbí ó ń dúró gan-n-gan? Ṣé ó hàn gbangba?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni ọ̀rọ̀ ìyìn: "ó rẹwà gan-an, ó jíire, ojúlówó ni." Ìyìn kì í sọ bí aṣọ ṣe rí lọ́wọ́. Ẹ fi wé ohun tí gbogbo èèyàn ti fọwọ́ kàn rí. "Ó wúwo tó aṣọ bẹ́ẹ̀dì" yóò yé ẹnikẹ́ni. "Ó fẹ́lẹ́ bí áńkáṣíìfù" náà yóò yé e. Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti àdìrẹ oníko: ibi tí wọ́n so máa ń súnkì, ó máa ń yọ gbùngbùn díẹ̀ lójú aṣọ, kò sì ní tẹ́ dáadáa títí wọn yóò fi lọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé aṣọ náà ti rún. Bó bá hàn nínú àwòrán yín, ẹ sọ pé ìso ló fà á, àti pé áyọ́ọ̀nù yóò tẹ́ ẹ.

### Ìgbésẹ̀ kẹta: gígùn, fífẹ̀, àti ohun tó tó

Yáàdì nìkan kò tó. Yáàdì 5 aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì 44 kò bá yáàdì 5 aṣọ híhun tẹ́ẹ́rẹ́ dọ́gba rárá. Ẹ kọ gígùn pẹ̀lú fífẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ohun kan tí ó tó láti fi rán. Ohun tó dá yín lójú ni kí ẹ kọ. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ bi télọ̀ kan. Ìṣẹ́jú méjì ni yóò gbà.

Bí àwọn tó ń ra aṣọ yín bá wà káàkiri, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kún un. Yáàdì 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 91 àti díẹ̀. Ínṣì 44 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 112.

### Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí kò pé

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rù, ibí náà sì ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń wá. Ẹ sọ ibi tí ọwọ́ ti hàn pẹ̀lú ohùn tí ẹ fi sọ ìyókù. Ẹ má tọrọ àforíjì, ẹ má sì pọ́n ọn lé. "Òrùka méjì létí aṣọ kò yípo tán" ti tó. Bí ẹ bá kọ pé "àìpé rẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀," ìfura ni yóò kọ́kọ́ wọ ọkàn olùkàwé.

Ẹ sọ ti fífọ̀ pẹ̀lú. Aró gidi máa ń fi ìyókù sílẹ̀ lójú aṣọ, yóò jáde sínú omi nígbà àkọ́kọ́, ó sì lè kó àwọ̀ bá aṣọ funfun tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Ẹni tó bá kà á ṣáájú yóò dá a fọ̀. Ẹni tí kò kà á yóò pè yín ní gbájúẹ̀ nígbà tí omi bá dúdú.

### Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iye owó àti ọjọ́

Ẹ kọ iye owó síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé bí wọ́n bá rí i, wọ́n á sá. Àwọn tí yóò sá yóò ṣì sá nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, àfi pé ẹ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣòfò, àwọn náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nípa "ẹ kàn sí mi fún iye owó," ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ojú wọn ni ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó dá iye. Oníbàárà tó ń tijú kò ní béèrè láé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú wọn pọ̀.

Bí iye bá ń yí padà nítorí ìwọ̀n tàbí ọnà, ẹ kọ iye tó kéré jù, kí ẹ sì sọ ohun tó lè gbé e sókè: "Iye tó wà níbí wà fún aró kan ṣoṣo, bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ méjì, yóò lé díẹ̀." Bí ẹ kò bá sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni náajà, ẹ má kọ "kò sí ìdínkù o!" bíi pé wọ́n ti bá yín jà. Ẹ kọ "iye kan náà ni mo ń gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn." Ẹni tó bá fẹ́ ná an yóò ṣì gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti tọ́ fún yín láti rẹ́rìn-ín kí ẹ sì kọ̀.

Ní ti ọjọ́, ẹ sọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Ọjọ́ 14" láti ìgbà wo? Láti ìgbà tí wọ́n béèrè, tàbí láti ìgbà tí owó wọlé? Ẹ sì fi ọjọ́ díẹ̀ kún iye tó wà lọ́kàn yín, nítorí aṣọ kì í gbẹ bí ẹ ṣe fẹ́ nígbà òjò, a kì í sì í tún aṣọ rì sínú aró kó tó gba afẹ́fẹ́ dáadáa.

### Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìpè

Ẹyọ kan. Ìparí pátápátá. Kó sì jẹ́ ìbéèrè tí èèyàn lè dáhùn láì tíì pinnu pé òun yóò rà.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí. "Ẹ ra tiyín báyìí" ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá aṣọ náà bá òun mu. "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ rán fún mi, màá sọ bóyá ó máa tó" ń fún un ní nǹkan. Yóò rọrùn fún un láti dáhùn, bó bá sì ti dáhùn, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàrin yín, bíi pé ó ti wọ ìsọ̀ tó sì ti fà aṣọ wò. Nígbà tí ẹ bá sì sọ fún un pé kò ní tó, ẹ ti tà fún un lọ́jọ́ mìíràn.

Ìpè tó bá ipò kọ̀ọ̀kan mu:

- Ẹyọ kan ló wà nílẹ̀: "Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ ẹ ni màá fi pamọ́ fún di ọ̀la."
- Ẹ lè ṣe púpọ̀: "Tí ẹ bá ní àwọ̀ kan lọ́kàn, ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, màá sọ bóyá ìkòkò aró mi lè dé ibẹ̀."
- Ó ti tà: "Èyí ti lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nígbà tí irú rẹ̀ bá tún jáde, ẹ kọ 'òrùka' sábẹ́ ibí."

Ti ìkẹta yẹn wúlò ju bó ṣe rí lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa àwòrán aṣọ tó ti tà rẹ́. Ẹ fi sílẹ̀.

## Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Aláró kan fi èyí ránṣẹ́ sí mi kó tó gbé e síta:

> ẸYIN ÈÈYÀN MI!!! Aṣọ tó rẹwà jù lọ ti dé o! Kò sí irú rẹ̀ níbì kankan! Ó ń tán lọ wàràwàrà, ẹ tètè mú tiyín kó tó pẹ́ jù!!! Ojúlówó ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni! Ẹ kàn sí mi ní kọ̀rọ̀ fún iye owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàtìlẹ́yìn fún oníṣẹ́ ọwọ́.

Mo ní kó yọ "aṣọ" kúrò, kó fi "bàtà" rọ́pò rẹ̀. Gbogbo gbólóhùn náà ṣì dúró. Àyẹ̀wò tí mo máa ń fi ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ṣe nìyẹn: gbólóhùn tó bá ṣì bá bàtà mu, ẹ pa á rẹ́. Nínú tirẹ̀, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan.

Mo wá bi í léèrè lórí fóònù. Ṣé ó ń tán lọ wàràwàrà lóòótọ́? Rárá, ẹyọ kan péré ló ṣe. Èyí kọjá "ó ń tán lọ" ní agbára, òótọ́ sì ni! Òrùka ńlá mélòó? Ó lọ kà á: 16. Gígùn ńkọ́? Ó ní yáàdì 5. Mo ní kó lọ wọ̀n ọ́n. Ó padà dé pẹ̀lú yáàdì 4 àti ìdá mẹ́rin mẹ́ta. Ọjọ́ mélòó ló gbà á? Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìso nìkan gba mẹ́rin. Mo ní kó kọ 14 fún ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀. "Ẹ ṣàtìlẹ́yìn" ńkọ́? A yọ ọ́. Ẹni tó bá ra aṣọ nítorí àánú yóò ra ẹyọ kan, kò ní padà wá.

Ohun tó jáde nìyí:

> Òrùka ńlá 16 ló wà lójú aṣọ yìí. Ìko ni mo fi so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rì í sínú aró. Ìso nìkan gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin.
>
> Òwú ni aṣọ náà, ó rọ̀, ó sì wúwo tó aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kò hàn gbangba. Ó dúdú díẹ̀ ju bó ṣe rí lójú fóònù lọ. Òrùka méjì létí rẹ̀ kò yípo tán.
>
> Gígùn: yáàdì 4 àti ìdá mẹ́rin mẹ́ta. Fífẹ̀: ínṣì 44. Ó tó kaba gígùn alápá gígùn.
>
> Ẹ dá a fọ̀ fún ìgbà méjì àkọ́kọ́, aró tó kù á jáde sínú omi.
>
> Ẹyọ kan yìí ló wà nílẹ̀. Iye rẹ̀: (iye). Mo lè ṣe irú rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14 tí owó bá wọlé, ṣùgbọ́n òrùka rẹ̀ kò ní bá tibí dọ́gba.
>
> Tí nǹkan kan bá wà tí ẹ fẹ́ fi rán, ẹ sọ ọ́ fún mi, màá sọ bóyá ó máa tó.

Kò sí àmì ìyanu kankan níbẹ̀. Kò sí "ẹ tètè." Gbólóhùn tó sọ pé ẹyọ kan ló wà nílẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ "ẹ tètè" láì gbé ohùn sókè. Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn àkọ́kọ́ méjèèjì ló ń jẹ́ kí èèyàn fẹ́ ka ìyókù, àti pé òrùka tí kò yípo wà láàrin, kò sí ní ìparí níbi tí ìpè wà. Bí ẹ bá fi àléébù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpè, òun ni olùkàwé yóò mú lọ.

## Ibi tí ó ti ń bàjẹ́

Ọ̀wọ́n irọ́. Ẹ kọ "ẹyọ kan ló kù" lónìí, ẹ tún gbé aṣọ kan náà síta ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn èèyàn máa ń rántí. Bí àwọn tó kù bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ kọ mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ẹni lẹ́bi. "Ẹ máa ń wò lásán, ẹ kì í rà." Mo rí èyí ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́la ni ẹ ń bá wí yẹn.

Àmì # tó pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dárúkọ ohun tó wà nínú àwòrán ti tó, ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ìpè mẹ́ta pọ̀. "Ẹ pè mí, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ tẹ líǹkì, ẹ tẹ̀lé mi." Olùkàwé tí ọ̀nà pọ̀ níwájú rẹ̀ kì í gba ìkankan.

Èdè méjì nínú gbólóhùn kan. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ ní èdè mìíràn pẹ̀lú, ẹ parí ti Yorùbá, kí ẹ fi ìlà kan sílẹ̀, kí ẹ wá kọ èkejì. Ẹ sì fi àmì sí Yorùbá yín, pàápàá lórí orúkọ ọnà.

## Bí àyè bá kéré

Ọjọ́ kan péré, wákàtí 24, ni ohun tí ẹ bá gbé sí Status ti WhatsApp máa ń lò, kíákíá sì ni èèyàn ń wò ó kọjá. Ẹ mú nǹkan mẹ́rin nínú ọ̀rọ̀ gígùn yẹn: ohun kan nípa ọwọ́, ìwọ̀n, iye, ìpè.

> Òrùka 16, ìko ni mo fi so gbogbo wọn. Yáàdì 4 àti ìdá mẹ́rin mẹ́ta, ínṣì 44. (Iye). Ẹyọ kan. Kí lẹ fẹ́ fi rán?

Níbẹ̀, èsì wọn yóò bọ́ sọ́wọ́ yín tààrà, nítorí náà ẹ kò nílò líǹkì. Lórí Facebook, ẹ lè fi líǹkì WhatsApp síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ti wà nínú àpótí kí oníbàárà tó tẹ lẹ́tà kan:

```
https://wa.me/NOMBA?text=Mo%20fe%20beere%20nipa%20aso%20oloruka
```

Ẹ fi nọ́ńbà yín rọ́pò `NOMBA`: kódù orílẹ̀-èdè ní iwájú, kí ẹ má fi àmì `+` sí i, kí ẹ sì yọ òdo tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà abẹ́lé. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán Instagram, líǹkì kì í ṣeé tẹ̀. Inú bio yín, lábẹ́ orúkọ yín, ni kí ẹ fi sí, kí ẹ kàn sọ pé ó wà níbẹ̀.

## Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ síta

- Ṣé iye tí mo fi téèpù wọ̀n ló wà níbẹ̀, àbí iye tí mo rà?
- Ṣé gbólóhùn kankan ṣì bá bàtà mu?
- Ṣé iye owó àti ọjọ́ wà níbẹ̀, tí ibi tí kíka ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sì hàn?
- Ṣé ìpè náà jẹ́ ẹyọ kan?
- Ṣé mo ti kà á sókè? Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan lójú oníbàárà tó dúró níwájú yín, ẹ má kọ ọ́.

## Lẹ́yìn tí ó bá ti jáde

Ẹ wo ìbéèrè tó kọ́kọ́ wọlé. Bí ẹni méjì bá béèrè pé "ṣé ó hàn gbangba?" nígbà tí ẹ ti kọ ọ́, a jẹ́ pé ó sin sísàlẹ̀, ẹ gbé e sókè. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ fi kún un, kí ẹ sì dáhùn ní gbangba pẹ̀lú, nítorí ẹni kẹta tó fẹ́ béèrè ohun kan náà ń kà á láì sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá béèrè tí kò tún padà wá, ẹ lè kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, bó bá jẹ́ pé nǹkan tuntun wà láti sọ fún un: "Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó máa tó ohun tí ẹ sọ." Bí kò bá sí nǹkan tuntun, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí aṣọ náà bá sì tà, ẹ kọ "ó ti lọ" sí ìlà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tó ń bọ̀ lálẹ́ má baà ka gbogbo rẹ̀ tán kó tó mọ̀.